Bàbá àgbà dúró síwájú ilẹ̀kùn nínú fọ́tò: báwo ni mo ṣe lè mọ bí wọ́n ṣe ga tó?

Délé_K
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Mo ní fọ́tò àtijọ́ kan tí bàbá bàbá mi dúró síwájú ilẹ̀kùn ilé wọn. Gbogbo ara wọn ló hàn, láti orí dé bàtà. Wọ́n ti di olóògbé tipẹ́, ṣùgbọ́n nínú ẹbí wa, wọ́n máa ń sọ pé bàbá ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Ṣé mo lè fi gíga ilẹ̀kùn yẹn mọ gíga bàbá? Mo gbọ́ pé ilẹ̀kùn ní ìwọ̀n kan tí gbogbo ayé ń lò.

Ọ̀gbẹ́ni_Ìṣirò
Ìṣirò kékeré nìyẹn, àbúrò. Ṣí fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà, ka píkísẹ́lì láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn dé òkè rẹ̀, kí o tún ka ti bàbá láti bàtà dé orí. Ilẹ̀kùn jẹ́ 80 ínǹṣì, ìyẹn 2032 mìlímítà. Pín 2032 sí iye píkísẹ́lì ilẹ̀kùn, wàá mọ iye mìlímítà tó wà nínú píkísẹ́lì kan. Fi ìyẹn sọ píkísẹ́lì bàbá di púpọ̀. Ó parí.

Ìyá_Ìbejì
Kí ni ti kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ ní kí bàbá bọ́ bàtà, kí wọ́n fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, kí gìgísẹ̀ wọn kan igi. Ẹ gbé ìwé pẹlẹbẹ lé wọn lórí, ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sára òpó, ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ mi nìyẹn, ilẹ̀kùn yàrá wa ti kún fún ìlà.

Délé_K
Ẹ ṣé, mà. Bàbá ò sí láyé mọ́ ni, fọ́tò nìkan ló kù.

Ọ̀gbẹ́ni_Ìṣirò, mo ṣe é bí ẹ ṣe wí. GIMP tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe ni mo lò, ó máa ń kọ ibi tí atọ́ka bá wà sí ìsàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀, láti òkè fọ́tò ló sì ti ń kà wá sílẹ̀. Abẹ́ atẹ́rígbà wà ní 100, ibi tí òpó ilẹ̀kùn ti kan ilẹ̀ wà ní 1700. Àtàrí bàbá wà ní 245, bàtà wọn sì kan ilẹ̀ ní 1889. Ilẹ̀kùn jẹ́ píkísẹ́lì 1600, bàbá jẹ́ 1644.

Ohun tí ìṣirò yín fún mi ni 2088 mìlímítà. Mítà méjì àti sẹ̀ńtímítà mẹ́sàn-án! Bàbá ga ju ilẹ̀kùn lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo ń fojú ara mi rí i nínú fọ́tò pé orí wọn ò dé abẹ́ atẹ́rígbà.

Ọ̀gbẹ́ni_Ìṣirò
Háà. Àṣé bàbá ò dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Wọ́n ti bọ́ síwájú, wọ́n sún mọ́ kámẹ́rà ju ilẹ̀kùn lọ, ìyẹn ló mú kí wọ́n tóbi.

Fi ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀, kò wúlò. Fa ìlà tó tẹ́jú láti àtàrí wọn lọ sára òpó ilẹ̀kùn, kí o wo ibi tó kàn. 1700 yọ 245 kúrò, ó ku 1455. Píkísẹ́lì kan lára ilẹ̀kùn jẹ́ mìlímítà 1.27, nítorí náà gíga bàbá jẹ́ 1848. Mítà 1.85, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti díẹ̀. Ṣé o rí i? Àwọn àgbà ò parọ́.

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Ẹ rọra, ẹ má tíì lọ ròyìn fún ẹbí.

Ọ̀gá Ìṣirò, ẹ ti rí ibi tí àìsàn wà, pé bàbá sún mọ́ kámẹ́rà ju ilẹ̀kùn lọ. Ṣùgbọ́n oògùn tí ẹ lò kò tíì wo ó tán. Ìlà tí ẹ fà láti orí bàbá lọ sára òpó, orí fọ́tò nìkan ló ti tẹ́jú. Ní ojúlé náà gan-an, ojú kámẹ́rà ni ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó gba àtàrí bàbá kọjá, ó wá lọ kan òpó. Bí kámẹ́rà bá wà nísàlẹ̀ ju orí bàbá lọ, òkè ni ìlà náà ń lọ, ibi tó máa kàn lára òpó yóò ga ju orí bàbá lọ. Bí kámẹ́rà bá ga ju orí wọn lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò máa lọ, ẹ ó sì bu gíga wọn kù. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀nà yín máa ń pé ni ìgbà tí kámẹ́rà àti orí ẹni náà bá ga bákan náà.

Délé, gbogbo ọ̀rọ̀ wá dá lórí ìbéèrè kan: báwo ni kámẹ́rà ṣe ga tó sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ya fọ́tò yẹn? Fọ́tò náà fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni_Ìṣirò
Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n a jẹ́ pé a ó ní láti mọ bí kámẹ́rà ṣe jìnnà sí bàbá, àti bí bàbá ṣe jìnnà sí ilẹ̀kùn. Ta ló fẹ́ mọ ìyẹn lónìí?

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
A ò nílò ìjìnnà kankan, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní kámẹ́rà tẹ́jú, tí ilẹ̀ náà sì tẹ́jú. Ìlà kan wà tó gba fọ́tò kọjá láti ọ̀tún dé òsì, tí mo máa ń pè ní ìlà ojú kámẹ́rà. Lórí pápá gbalasa, ibẹ̀ ni ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti máa ń pàdé. Gbogbo ohun tó bá ga bíi kámẹ́rà, ìlà yẹn ni orí rẹ̀ máa bọ́ sí, ì báà wà nítòsí, ì báà wà lókèèrè. Bí kámẹ́rà bá ga ní mítà kan àti ààbọ̀, gbogbo ènìyàn tó dúró sórí ilẹ̀ kan náà nínú fọ́tò yẹn ni ìlà náà máa gé ní mítà kan àti ààbọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Yóò gba àgbàlagbà kan ní èjìká, yóò gba ọmọdé ní àtàrí. Yóò gé òpó ilẹ̀kùn pẹ̀lú ní mítà kan àti ààbọ̀.

Ilẹ̀kùn la fi máa mọ iye tí ìlà yẹn jẹ́. Bàbá la máa wá kà á lára, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà sára agbádá wọn.

Bí o ṣe máa rí ìlà náà nìyí. Wá ohun méjì tó tẹ́jú tí wọ́n sì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ilé gidi, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń sún mọ́ra nínú fọ́tò: ìlà táìlì, òkè àti ìsàlẹ̀ ògiri ẹ̀gbẹ́, tábìlì gígùn. Fà wọ́n síwájú títí wọ́n fi pàdé. Ibi tí wọ́n bá ti pàdé, orí ìlà ojú kámẹ́rà ló wà. Kí ló wà nínú fọ́tò rẹ tó rí bẹ́ẹ̀? Ṣé ilẹ̀kùn náà ṣí?

Ohun mìíràn: ṣé ilẹ̀ kan náà ni bàbá àti ilẹ̀kùn wà lé, àbí ìloro ga ju ibi tí bàbá dúró sí?

Délé_K
Ilẹ̀ kan náà ni, sìmẹ́ńtì láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí bàbá dúró, kò sí àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn ṣí síta, ó yà sí ẹ̀gbẹ́, mo rí etí rẹ̀ ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ dáadáa. Ògiri kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàráńdà, ó ń bọ̀ láti ilé síwájú.

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Ọlá ni wọ́n dá ọ. Lo méjèèjì. Kí o tó fà wọ́n, wo òpó ilẹ̀kùn méjèèjì. Wọn àlàfo àárín wọn lókè, kí o tún wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá dọ́gba, kámẹ́rà tẹ́jú. Bí òkè bá fún ju ìsàlẹ̀ lọ, wọ́n gbé ojú kámẹ́rà sókè. Bí ìsàlẹ̀ bá fún, wọ́n dà á kọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì yàtọ̀. Tún wò ó bóyá òpó náà tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Lẹ́ǹsì tó ń gba ojú ilẹ̀ púpọ̀ máa ń tẹ ohun tó bá wà létí fọ́tò.

Ṣadé_M
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín dá sí i. Kámẹ́rà ìṣọ́ wà níbi iṣẹ́ wa, ó ya ẹnìkan tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé lálẹ́, ẹrù sì sọnù. Wọ́n ti ń tọ́ka sí ọmọkùnrin kan pé òun ló ga bẹ́ẹ̀. Ṣé mo lè fi ọ̀nà yìí já a? Òkè àjà ni kámẹ́rà náà wà, ó ń wolẹ̀.

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Ṣadé, ọ̀rọ̀ tìrẹ le ju ti Délé lọ, ìyà ló sì lè tì í lẹ́yìn, nítorí náà má fi ìṣirò orí ẹ̀rọ ayélujára dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Kámẹ́rà tó bá ń wolẹ̀ máa ń mú kí gbogbo ohun tó dúró ṣánṣán sún mọ́ra nísàlẹ̀. O máa rí òpó ilẹ̀kùn méjèèjì bí lẹ́tà V. Ìlà ojú kámẹ́rà lè wà lókè, níta fọ́tò pátápátá. A ṣì lè ṣírò rẹ̀, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Criminisi, Reid àti Zisserman, ti fi hàn ní 1999 bí a ṣe lè fi ibi tí àwọn òpó náà ti máa pàdé kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn kì í ga bákan náà ní gbogbo ìṣísẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá jìnnà síra, orí á lọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ kan bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, orí á gòkè. Sẹ̀ńtímítà mélòó kan ló máa ń wà láàárín wọn, kò tíì kan ti bàtà àti ẹ̀yìn tó tẹ̀.

Ohun tí àwọn aṣèwádìí tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á padà síbẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀pá tí wọ́n ti sàmì sí lé ibi tí ẹsẹ̀ ẹni náà tẹ̀ gan-an, wọ́n á wá fi kámẹ́rà kan náà yà á láìsún un. Wọ́n á gbé fọ́tò kejì lé ti àkọ́kọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan kámẹ́rà yẹn látọjọ́ náà, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ṣadé_M
Mo ti gbọ́, sà. Wọ́n ti pààrọ̀ kámẹ́rà náà lóṣù tó kọjá. Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà nípamọ́.

Délé_K
Mo ti padà dé. Àlàfo àárín òpó méjèèjì jẹ́ 611 lókè, 610 nísàlẹ̀. Wọ́n gún gbọọrọ, kò sí èyí tó tẹ̀.

Fọ́tò kò gba ibi tí àwọn ìlà ti máa pàdé, ni mo bá lọ sí `Image > Canvas Size`, mo fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè gbà á. Etí òkè àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn tó ṣí pàdé ní 770. Ògiri fàráńdà ní tirẹ̀ pàdé ní 740. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Káfíńtà_Gidi
Má gba ti ilẹ̀kùn gbọ́ tán. Mo ti ń kan ilẹ̀kùn láti kékeré. Ilẹ̀kùn àtijọ́ tó wúwo, bí hínjì òkè bá ti ń yọ díẹ̀, imú ilẹ̀kùn á fì sílẹ̀. Etí òkè àti ti ìsàlẹ̀ á ṣì máa lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn o, ṣùgbọ́n wọn ò tẹ́jú mọ́. Ibi tí wọ́n bá pàdé kò ní sí lórí ìlà tí ẹ̀ ń wá.

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọ̀gá káfíńtà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó lo méjèèjì. Ṣùgbọ́n ògiri náà lè má tẹ́jú, mo ti rí ògiri fàráńdà tó tẹ̀ sílẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn. Mú àárín wọn, 755. Ó kù díẹ̀ ni, ẹ ó sì rí i láìpẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò burú bó ṣe ń dún.

Ó yá, Délé. Láti ìsàlẹ̀ òpó dé ìlà náà, 1700 yọ 755, ó jẹ́ 945. Píkísẹ́lì kan lára òpó jẹ́ mìlímítà 1.27. A ti rí i pé kámẹ́rà ga ní 1200 mìlímítà, mítà kan àti ogún sẹ̀ńtímítà. Ìyẹn bá fọ́tò àtijọ́ mu. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbà náà, àyà tàbí ìkùn ni ayàwòrán ń gbé e sí, á máa wo inú rẹ̀ látòkè.

Ìlà kan náà gba ara bàbá kọjá. Láti bàtà wọn dé ìlà náà, 1889 yọ 755, ó jẹ́ 1134. A ti mọ̀ pé 1134 yẹn dúró fún 1200 mìlímítà lára bàbá. Gbogbo bàbá wá jẹ́ 1644.

```
gíga = 1200 × 1644 / 1134 = 1740 mìlímítà
```

Mítà 1.74. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀, tàwọn ti bàtà.

Ọ̀gbẹ́ni_Ìṣirò
Sẹ̀ńtímítà mọ́kànlá ló fi dín sí tèmi! Nítorí pé kámẹ́rà wà ní ìkùn?

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Bẹ́ẹ̀ ni. Orí bàbá fi sẹ̀ńtímítà mẹ́rìnléláàádọ́ta ga ju kámẹ́rà lọ, ìlà tí ẹ fà ń gòkè dáadáa kó tó kan òpó. Ká ní ojú ni ayàwòrán gbé kámẹ́rà sí, bóyá ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà méjì mẹ́ta péré lẹ ó fi ṣì í.

Délé_K
Ẹ̀rù ń bà mí láti gbé 1.74 yìí lọ sílé. Bí ìlà yẹn bá jẹ́ 785, tí kì í ṣe 755 ńkọ́?

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Ṣe é kí o wò ó. 1700 yọ 785 jẹ́ 915, ìyẹn 1162 mìlímítà. 1889 yọ 785 jẹ́ 1104. Wàá rí 1730. O ṣi ìlà náà gbé ní ọgbọ̀n píkísẹ́lì, èsì yí padà ní sẹ̀ńtímítà kan péré, torí pé bí ìlà bá sún, ó sún lára òpó, ó sún lára bàbá náà.

Àtàrí ni kí o ṣọ́ra fún. Píkísẹ́lì mẹ́wàá níbẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà kan gbáko, kò sì sí ohun tó máa dín in kù. Ṣé irun ni o wọ̀n, àbí orí?

Ṣùgbọ́n èyí tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni 2032 tí gbogbo wa ń pè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló wọn ilẹ̀kùn yẹn?

Ọ̀gbẹ́ni_Ìṣirò
Ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò ni.

Káfíńtà_Gidi
Ayé wo? 80 ínǹṣì, ti Amẹ́ríkà nìyẹn, 2032. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 78 ínǹṣì ló wọ́pọ̀ nínú ilé, ìyẹn 1981, wọ́n sì tún ní 2040. Ọsirélíà ń lo 2040. Ilé tí káfíńtà fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ibi tí pákó bá tó ló máa ga dé.

Iye tí wọ́n kọ yẹn sì jẹ́ ti pátákó ilẹ̀kùn, kì í ṣe ti ihò tó wà nínú férémù. Àlàfo máa ń wà lókè àti nísàlẹ̀ kí ilẹ̀kùn má bàa ha. Ẹlòmíràn á tún lọ wọ̀n láti etí òkè igi tí wọ́n fi yí férémù ká fún ẹwà, ó ti fi bí ìbú ọwọ́ kan kún un nìyẹn. Abẹ́ atẹ́rígbà ni kí wọ́n dúró sí.

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Ẹ ṣeun. Bí ilẹ̀kùn náà bá jẹ́ 1981, bàbá á di mítà 1.70. Sẹ̀ńtímítà mẹ́rin ààbọ̀ ti lọ nìyẹn, láìjẹ́ pé o ṣi píkísẹ́lì kankan kà. Bí àṣìṣe bá wọnú gíga ilẹ̀kùn, ó wọnú gíga bàbá ní ìwọ̀n kan náà, kò sí ìṣirò tó máa gbà ọ́. Délé, ṣé ilé náà ṣì wà?

Délé_K
Ó wà! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé níbẹ̀. Férémù náà ò tíì yí padà. Ẹ jẹ́ n pè wọ́n.

Délé_K
Ẹ̀gbọ́n ti fi téèpù wọ̀n ọ́n. Láti ilẹ̀ dé abẹ́ atẹ́rígbà, 2002 mìlímítà. Ṣé kí n kúkú fi 2002 ṣe é?

Káfíńtà_Gidi
Dúró ná. Ilẹ̀ wo? O ní sìmẹ́ńtì ló wà nínú fọ́tò. Kí ló wà nílẹ̀ báyìí?

Délé_K
Hẹ̀n-ẹ́n... táìlì ni o. Mo kéré nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ.

Káfíńtà_Gidi
Mo mọ̀. Táìlì àti sìmẹ́ńtì abẹ́ rẹ̀ ti gbé ilẹ̀ sókè, ẹnu ọ̀nà ti kúrú ju ti ìgbà tí wọ́n ya bàbá lọ. Àwọn ilé mìíràn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń tẹ́ táìlì lé ara wọn. Má wọ̀n láti ilẹ̀ rárá. Férémù ò gbéra, hínjì rẹ̀ ò sì kúrò nípò. Wọ̀n láti abẹ́ atẹ́rígbà dé orí hínjì ìsàlẹ̀, kí o ka iye kan náà nínú fọ́tò, bó bá hàn.

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́. Mi ò rò ó dé ibẹ̀ yẹn.

Ara òpó tí o ti ka 100 àti 1700 ni kó jẹ́ o, Délé. Ẹni tó ya fọ́tò yìí kò dúró kojú ilẹ̀kùn tààrà, torí náà òpó kejì á fi díẹ̀ kúrú tàbí ga jù ú lọ nínú fọ́tò.

Délé_K
Òpó kan náà ni, hínjì ara rẹ̀ hàn. Orí hínjì ìsàlẹ̀ wà ní 1490 nínú fọ́tò, láti 100 ìyẹn jẹ́ 1390. Ẹ̀gbọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, 1758 mìlímítà. Píkísẹ́lì kan wá jẹ́ 1.265. Tí mo bá fi ìyẹn sọ 1600 di púpọ̀, ilẹ̀kùn jẹ́ 2024 nígbà náà, táìlì sì ti jẹ mìlímítà méjìlélógún lára rẹ̀.

Kámẹ́rà ga ní 1195. Bàbá jẹ́ 1733.

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Mo fara mọ́ ọn. Bàtà wọn ńkọ́?

Délé_K
Bàtà aláwọ tó ní gìgísẹ̀. Irun wọn ò ga, wọ́n gé e mọ́lẹ̀.

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
Yọ bíi sẹ̀ńtímítà méjì ààbọ̀ fún bàtà. Mítà 1.71 láìwọ bàtà, kí o sì fi bíi sẹ̀ńtímítà méjì sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá sinmi lé ẹsẹ̀ kan, tàbí eékún wọn tẹ̀ díẹ̀, wọ́n ga ju bó ṣe hàn lọ. Ìyẹn kò sí nínú ìṣirò, ojú rẹ ló máa sọ ọ́.

Ọ̀gbẹ́ni_Ìṣirò
Ìbéèrè kan ló kù lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá gé fọ́tò ní orúnkún, tí ẹsẹ̀ ò hàn?

Àgbà_Awọ̀nlẹ̀
A ò ní mọ ibi tí ẹni náà dúró sí nìyẹn, ọ̀nà yìí ò ní ṣiṣẹ́. Àyàfi bí àtàrí rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí ìlà ojú kámẹ́rà gan-an. A jẹ́ pé ó ga bíi kámẹ́rà, ibi yòówù kó dúró sí.

Délé_K
Mo fi ránṣẹ́ sílé. Àbúrò bàbá mi ní ìṣirò wa ò pé, pé bàbá máa ń tẹrí ba kí wọ́n tó wọ ẹnu ọ̀nà yẹn. Wọ́n ní kí n tún fọ́tò náà wò, pé eékún òsì bàbá tẹ̀. Mo ti fẹ̀ ẹ́ wò, aṣọ ló bò ó, mi ò lè sọ.

Ìyá_Ìbejì
Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n fẹ̀yìn ti òpó.